Oògùn Tó Mọ́ni Lára àti Oògùn Tó Di Bárakú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí ìrora líle ń bá fínra, pàápàá àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn àwọn ẹlẹ́jẹ̀ SS. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn òbí, àwọn aláìsàn fúnra wọn àti àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ máa ń bi mí jù. Oògùn ìrora ìdílé mọ́fíìnì ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí àṣìṣe yìí ń pa èèyàn lára.

Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni kí oògùn mọ́ èèyàn lára àti kó di bárakú?

Rárá. Èdè wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́, àwa la máa ń pa wọ́n pọ̀. Bí a bá ní nǹkan ti mọ́ ẹnì kan lára, ohun tí à ń sọ ni pé ara rẹ̀ ti gbà á, ó sì ti tún ara tò nítorí rẹ̀. Bí nǹkan náà bá dáwọ́ dúró lójijì, ara á dààmú títí á fi tún ara rẹ̀ tò padà. Kò sí ìwàkiwà kankan níbẹ̀. Kò tilẹ̀ béèrè pé kí ẹni náà fẹ́ràn oògùn ọ̀hún.

Ẹ wo ẹni tí dókítà fún ní pẹrẹdinísólóònù nítorí ikọ́ fée, tó sì lò ó lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lórí kíndìnrín tó máa ń pèsè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ara. Nígbà tí ẹṣẹ́ náà rí i pé ti ìta ń wọlé, ó káwọ́ gbera. Bí ẹni náà bá sọ oògùn nù lọ́jọ́ kan, okun á tán nínú rẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ lè wálẹ̀ débi tó máa fi ṣubú. Oògùn ti mọ́ ọn lára gan-an. Síbẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tó jí owó ìyá rẹ̀ nítorí pẹrẹdinísólóònù.

Bárakú ni kí oògùn di ọ̀gá ẹni. Ẹni náà ń wá a kiri, ó ń pinnu pé òun ò ní lò ju báyìí lọ, ó sì ń kọjá ibẹ̀. Ó ń rí i pé iṣẹ́ ń lọ, ilé ń tú, ara ń bàjẹ́, síbẹ̀ ó ń bá a lọ.

Kí ló ń mú kí ara gbọ̀n nígbà tí mọ́fíìnì bá dá?

Nínú ọpọlọ, níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sí ọrùn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa jí ara: wọ́n ń mú ọkàn lù, wọ́n ń mú ojú là, wọ́n ń mú òógùn jáde. Oje kan tó ń jẹ́ nọradírẹnálíìnì ni wọ́n ń tú jáde láti fi ṣe é. Mọ́fíìnì máa ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí oorun fi ń kun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó. Ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Bí mọ́fíìnì ṣe ń tẹ̀ wọ́n lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi kún agbára wọn, tí wọ́n ń ti ọwọ́ náà padà, títí ọ̀rọ̀ á fi dọ́gba.

Ẹ wo ó bí ìgbà tí èèyàn méjì ń ti ilẹ̀kùn kan, ọ̀kan wà nínú, ọ̀kan wà níta. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá jọ ń tì í, ilẹ̀kùn ò ní mì. Ọjọ́ tí ti ìta bá fi í sílẹ̀ lójijì, ti inú á já lu ìta pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ohun tí à ń rí nìyẹn: ọkàn ń sáré, òógùn ń bò ó, omi ń dà lójú, ikun ń dà nímú, ó ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru. Ẹnikẹ́ni tó bá lo mọ́fíìnì déédéé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè bá èyí pàdé, ì báà jẹ́ wòlíì, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún méje.

Ọmọ mi ń lo mọ́fíìnì nítorí egungun rẹ̀. Nígbà tó dá a dúró, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ṣé ó ti di bárakú nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan tí mo tọ́jú. Ẹlẹ́jẹ̀ SS ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Orí egungun itan rẹ̀ ti kú nínú ìgbáròkó torí pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ dáadáa, bó ṣe máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ SS. Kò lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń dúró de iṣẹ́ abẹ, wọ́n fún un ní mọ́fíìnì olómi, mílígíráàmù 10 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ìyẹn 60 lójúmọ́. Nínú ìgò tirẹ̀, mílílítà kan ni mílígíráàmù kan, ìyá rẹ̀ sì ń fi sírínjì fà á bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ kẹta, kíráísìsì, ìyẹn ìrora líle tó máa ń dédé kọlu ẹlẹ́jẹ̀ SS, gbé e lóru. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn, kì í ṣe ibi tó ti ń gba ìtọ́jú. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ pẹntasosíìnì, mílígíráàmù 30, èyí tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ SS ní Nàìjíríà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì, òógùn bò ó, ó ń yán léraléra, ó ń ká ẹsẹ̀ mọ́ra, ó ń pariwo pé kí wọ́n fún òun ní mọ́fíìnì òun. Ẹnì kan kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé oògùn ti di bárakú fún un. Ìyá rẹ̀ ka ìlà yẹn.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ karùn-ún, wọ́n fi irin sí ìgbáròkó, ó sì dára. Nígbà tí wọ́n dé ilé, ìyá rí i pé ọmọ òun ti ń rìn, ó rántí ohun tó kà nínú fáìlì, ó sì da ìyókù ìgò náà sínú síǹkì lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ọmọ ń yán láìsinmi. Nígbà tó fi di alẹ́, irun ọwọ́ rẹ̀ ti nàró, awọ rẹ̀ dà bí ti adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìyẹ́ rẹ̀ tu, ẹyin ojú rẹ̀ dúdú fẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru ò sì jẹ́ kó jókòó. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ìyá pè mí, ó ń sunkún: "Nọ́ọ̀sì, òótọ́ ni wọ́n sọ o. Ọmọ mi ti di ọmọ ìta."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ó lò ju iye tí wọ́n kọ fún un rí?" Wọ́n ní rárá, ọwọ́ àwọn ni ìgò wà. "Ṣé ó purọ́ fún yín nítorí rẹ̀, ṣé ó lọ rà á níbòmíì?" Rárá. "Nígbà tí ìrora náà ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ló sọ?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ó sọ pé ó ti ń sú òun, pé ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le fún òun, nígbà wo ni wọn máa jẹ́ kí òun fi sílẹ̀.

Ẹni tí oògùn ti di bárakú fún kì í sábà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba oògùn náà lọ́wọ́ òun. Oògùn mọ́ ọmọ yẹn lára, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí pẹntasosíìnì fi sọ ọ́ di ìyọnu? Ṣebí oògùn ìrora lòun náà?

Oògùn ìrora ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ ka ibi tí mọ́fíìnì ti ń ṣiṣẹ́ sí àgádágodo, kí mọ́fíìnì jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó ṣí i gbáà. Pẹntasosíìnì lè wọ inú àgádágodo kan náà, ṣùgbọ́n kì í ṣí i tán, ó sì lè ti mọ́fíìnì kúrò níbẹ̀. Fún ẹni tí mọ́fíìnì ò mọ́ lára, kò séwu nínú èyí, ara á kàn tù ú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo mọ́fíìnì lójoojúmọ́, àfi bí ìgbà tí a gba gbogbo mọ́fíìnì ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ìbá gbà ju ọjọ́ kan lọ kó tó le, ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú.

Nítorí náà, ohun tí wọ́n rí lóru yẹn, abẹ́rẹ́ wọn ló fà á. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí rẹ̀, torí ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì ló kó ìyá náà láyà jẹ títí tó fi da oògùn nù. Mi ò sọ pé àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn burú. Wọn ò béèrè ohun tó ń lò, ìyá ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ.

Báwo ni ó ṣe wá fi mọ́fíìnì sílẹ̀?

Díẹ̀díẹ̀. Dókítà tó ni í gan-an dá a padà sórí 10, gbogbo ìdààmú náà sì wálẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń yọ mílígíráàmù kan kúrò nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ó lo 9, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e 8, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin kò yí padà. Ìyá ló ń fi sírínjì wọ̀n ọ́n, ó sì ń kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Láti 10 dé 4, kò sí wàhálà. Ní 3, oorun ò kùn ún fún òru mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì sinmi. Wọn ò yára dá a padà sókè, wọn ò sì tì í lọ síwájú, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi dúró lórí 3. Ìdí tí ìsàlẹ̀ fi máa ń le ni pé láti 10 sí 9, ìdá kan nínú mẹ́wàá lẹ yọ. Láti 3 sí 2, ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Ẹni tó ti lò ó ju ọdún kan lọ á nílò kó lọ́ra ju èyí lọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá lóṣù, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gbà á fún ọjọ́ márùn-ún péré ní wọ́ọ̀dù, ọjọ́ díẹ̀ ti tó.

Kò tún béèrè mọ́fíìnì mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Kò lọ ilé ìtọ́jú bárakú kankan, torí kò sí bárakú tí wọ́n fẹ́ tọ́jú.

Kí wá ni ẹ máa ń wò kí ẹ tó sọ pé bárakú ni?

Ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń lò, èyí tí ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé ń wò, to àmì 11 sílẹ̀. Èyí tó bá pé méjì láàárín ọdún kan ti tó láti sọ pé ìṣòro wà. Mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti le gan-an. Méjì nínú àmì náà jẹ́ ti ara: pé ìwọ̀n àtijọ́ ò ràn mọ́, àti pé ara ń dààmú tí oògùn bá dá. Ìwé náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n má ka méjì yẹn mọ́ ẹni tó ń lo oògùn bí dókítà ṣe kọ ọ́.

Mẹ́sàn-án tó kù, ìgbé-ayé ẹni ni wọ́n ń wò. Ṣé ó ń lò ju bó ṣe pinnu lọ? Ṣé ó ti gbìyànjú láti dín in kù tí kò ṣeé ṣe? Ṣé wíwá oògùn ti gba ọjọ́ rẹ̀ tán? Ṣé ọkàn rẹ̀ ń fà sí i débi tí kò lè ronú nǹkan mìíràn? Ṣé iṣẹ́ àti ilé ti ń jìyà rẹ̀? Èmi fúnra mi máa ń béèrè ìbéèrè kan tó rọrùn: látìgbà tí oògùn yìí ti dé, ṣé ayé ẹni yìí ń gbòòrò ni àbí ó ń há? Ọmọbìnrin yẹn fi mọ́fíìnì jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀. Tirẹ̀ ń gbòòrò.

Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ẹni tó ń gba oògùn ìrora kò lè di bárakú ni?

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, mo sì ti rí i lára àwọn ẹlẹ́jẹ̀ SS, àwọn tó jẹ́ pé kíráísìsì ti lọ tán, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gún ara wọn ní pẹntasosíìnì nílé títí egbò fi bo itan. Ní 2015, àwọn olùwádìí kan kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ lórí àwọn tó ń lo irú oògùn yìí fún ìrora tó pẹ́ lára. Bárakú tí wọ́n rí wà láàárín 8 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ti kí oògùn mọ́ra: ẹni tó bá lò ó lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò ní mọ́ lára.

Ohun kan tún wà tó ń tan àwa nọ́ọ̀sì jẹ. Aláìsàn kan ń wo aago, ó ń pè wá ní ìdajì wákàtí kí àsìkò tó tó, ó mọ orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀. A máa ń wo ara wa lójú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ó jẹ́ pé oògùn tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin péré ni wọ́n kọ pé kó máa gbà ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, tí ìrora sì ń jẹ ẹ́ fún ìdajì ọjọ́ rẹ̀. Bí a ṣe máa mọ̀ kò ṣòro: ẹ tọ́jú ìrora náà bó ṣe yẹ. Tí ìwà yẹn bá pòórá, ìrora ni. Tí kò bá lọ, tó sì ń bèèrè sí i bí ara ṣe ń yá, ó yẹ ká wò ó síwájú.

A ti àbúrò mi mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́jọ nítorí tíramádọ́ọ̀lù. Kò gbọ̀n mọ́, ó ń jẹun. Ṣé ó ti bọ́?

Ara rẹ̀ ló ti bọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí àìmọ̀ rẹ̀ ló ń pa èèyàn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdààmú ara máa ń le jù ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì ti lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Bárakú kì í bá a lọ. Ibòmíì ló wà nínú ọpọlọ, níbi tí oje kan tó ń jẹ́ dópámíìnì ti ń kọ́ wa pé kí a padà síbi tí a ti rí adùn tàbí ìtura. Ibẹ̀ ti há ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí, kò sì ní gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́jọ. Awakọ̀ kan tó ti fi tíramádọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún oṣù méjì sọ fún mi pé tí òun bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíósì tí òun ti ń rà á ní gáréèjì, itọ́ ni yóò kọ́kọ́ kún òun lẹ́nu, ọwọ́ òun á ti wà nínú àpò kí òun tó mọ̀. Kò sí oògùn kankan lára rẹ̀ mọ́ nígbà yẹn.

Ewu tó wà níbẹ̀ nìyí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí èèyàn ò fi lo oògùn, agbára tí ara fi ń gbà á ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn ṣì rántí ìwọ̀n àtijọ́. Bó bá padà síbi iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, èémí lè dá mọ́ ọn nínú lójú oorun, tíramádọ́ọ̀lù sì tún lè mú gìrì wá. Torí náà, lẹ́yìn tí gbígbọ̀n bá tán ni ìtọ́jú bárakú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Àró ní Abẹ́òkúta àti ti Yábàá ní Èkó ń ṣe é.

Ṣé bárakú lè wà láìsí gbígbọ̀n rárá?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù títí tó fi ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kokéènì náà, ìdààmú ara tó ń fà kì í ṣe ti ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, síbẹ̀ ó ń mú èèyàn lẹ́rú.

Ìyá kan lo oògùn nígbà oyún, ọmọ tuntun sì ń gbọ̀n. Wọ́n ní ọmọ náà "ti di bárakú". Ṣé ó ṣeé ṣe?

Kò ṣeé ṣe. Ọmọ ọjọ́ méjì ò lè wá oògùn kiri. Oògùn mọ́ ọn lára nínú oyún ni, ẹ̀jẹ̀ ìyá ò sì kàn án mọ́. Wọ́n á tọ́jú ọmọ náà, ìyá á gbé e mọ́ àyà níbi tí ariwo àti iná ò pọ̀ sí, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Ẹ má fi orúkọ yẹn pe ọmọ o, ẹ jọ̀ọ́.

Kí ló dé tí àwọn dókítà pàápàá fi ń da méjèèjì pọ̀?

Ìwé ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ní 1964, ìgbìmọ̀ kan ní Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí wọ́n yé lo ọ̀rọ̀ tó dúró fún bárakú, kí wọ́n máa lo ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "gbígbára lé oògùn" dípò rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń tún ìwé wọn ṣe, èyí tó jáde ní 1987, wọ́n jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò lò. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ bárakú ń dójú ti aláìsàn, wọ́n dìbò, ẹyọ ìbò kan ni "gbígbára lé" fi wọlé. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni dókítà ń kọ fún ọmọ tí mọ́fíìnì mọ́ lára àti fún ẹni tó ta ilé nítorí hẹróìnì. Ní 2006, àwọn onímọ̀ nípa bárakú méjì, Charles O'Brien àti Nora Volkow, wà lára àwọn tó kọ ọ́ jáde pé ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ́ kí àwọn dókítà máa fi ìrora jẹ aláìsàn níyà. Ní 2013, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé náà. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ kó tó dìgbà yẹn ṣì pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ìdí kejì ni pé ojú ń rí gbígbọ̀n, ojú ò sì rí ìfàsí-ọkàn. Ní tiwa ní Nàìjíríà, ẹ̀rù tún kún un. Ní 2018, ìjọba fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ onikodíìnì wọlé, nígbà tí gbogbo ayé ti rí ohun tó ń fi àwọn ọ̀dọ́ ṣe. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, mo rí nọ́ọ̀sì tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kó tó fa mọ́fíìnì fún ẹni tí jẹjẹrẹ ti jẹ egungun rẹ̀.

Ṣé mo lè dá oògùn dúró fúnra mi tí mo bá rí i pé ó ti mọ́ mi lára?

Ti mọ́fíìnì máa ń ni èèyàn lára gan-an, ṣùgbọ́n kì í sábà pa àgbàlagbà tó bá ń rí omi mu. Ọtí líle lójoojúmọ́ àti oògùn oorun bíi dayasipáàmù yàtọ̀ pátápátá. Dídá àwọn yẹn dúró lójijì lè mú gìrì wá, ó sì lè pa èèyàn. Ẹ má ṣe é nílé.

Bí mo bá gbé aláìsàn mi lọ sí ilé ìwòsàn lóru, kí ni kí n sọ?

Ẹ má fi ẹnu nìkan sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ilé. Ti ọmọbìnrin yẹn ṣì wà nínú àpamọ́wọ́ ìyá rẹ̀, bébà tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé. Orúkọ oògùn wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, wákàtí tó lò ó kẹ́yìn, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti nọ́ńbà dókítà tó kọ ọ́. Nísàlẹ̀, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gún un ní pẹntasosíìnì níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lórí mọ́fíìnì.